Okùn Méjì, Pátákó Kan: Èwo Ló Ń Fà Jù?

Ẹ jẹ́ ká wo pátákó télọ̀ kan tó so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n so pátákó náà mọ́ òrùka irin kan, okùn méjì sì gòkè láti ara òrùka yìí. Ọ̀kan gba òsì lọ sára òpó tó jìnnà díẹ̀, èkejì gba ọ̀tún lọ sí etí òrùlé tó wà nítòsí. Okùn òsì tẹ́: igun 30° ló wà láàárín òun àti ìbú. Okùn ọ̀tún nàró jù ú lọ: igun tirẹ̀ jẹ́ 60°. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ girama pé okùn wo ló ń fà jù, ọ̀pọ̀ á ní okùn tó tẹ́ tó sì gùn ni. Àwọn mìíràn á pín ìwúwo pátákó sí méjì ọgbọọgba. Ìdáhùn méjèèjì kò tọ̀nà.

Ká ní pátákó náà wọn kílógíráàmù 12. Nínú ìṣirò ilé-ìwé, a máa ń kà á sí pé ilẹ̀ ń fi agbára Níútìn 10 fa kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìwúwo pátákó jẹ́ 12 × 10 = 120 N. Ẹ fi àmì tóótòòtó kan dúró fún òrùka, kí ẹ sì fa ọfà mẹ́ta láti ara rẹ̀: ìwúwo lọ sísàlẹ̀, ìfà okùn òsì, tí a ó pè ní P, àti ìfà okùn ọ̀tún, tí a ó pè ní Q.

Òrùka náà dúró sójú kan. Kò lọ sósì, kò lọ sọ́tùn-ún, kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀. Èyí fi hàn pé ohun tó ń fà á sósì kò ju ohun tó ń fà á sọ́tùn-ún lọ, ohun tó ń fà á sókè kò sì ju ohun tó ń fà á wálẹ̀ lọ. Okùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fà sókè, ó sì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí pé ìbú ni a ti wọn igun, cos ló ń fún wa ní ìfà ẹ̀gbẹ́, sin ló ń fún wa ní ìfà òkè:

P cos 30° = Q cos 60°
P sin 30° + Q sin 60° = 120

Ìlà àkọ́kọ́ di 0.866P = 0.5Q, èyí tó túmọ̀ sí pé Q = 1.732P. Ẹ fi èyí rọ́pò Q nínú ìlà kejì: 0.5P + 0.866 × 1.732P = 120. Apá òsì jẹ́ 2P, nítorí náà P = 60 N, Q sì jẹ́ nǹkan bíi 104 N. Okùn tó nàró ló ń fà jù.

Ìdí rẹ̀ wà nínú ìlà àkọ́kọ́. Ìfà ẹ̀gbẹ́ okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, àmọ́ díẹ̀ péré nínú ìfà okùn tó nàró ló ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí díẹ̀ yẹn tó lè tó ti ẹnì kejì rẹ̀, àfi kí gbogbo ìfà rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò. Lókè, okùn òsì ń gbé 60 × 0.5 = 30 N, okùn ọ̀tún ń gbé 104 × 0.866, tó jẹ́ nǹkan bíi 90 N. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120 N, ó bá ìwúwo mu. Ṣùgbọ́n P àti Q fúnra wọn para pọ̀ jẹ́ 164 N. Èyí kì í ṣe àṣìṣe, nítorí pé àwọn okùn náà tún ń fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ṣìnà ni igun. Bí ìbéèrè bá wọn igun láti òòró dípò ìbú, sin àti cos á pààrọ̀ ipò. Ẹni tí kò bá kíyè sí i á gbé ìdáhùn okùn kan fún èkejì. Ẹ̀rọ ìṣirò tí wọn kò yí sí dígírì náà lè ba iṣẹ́ jẹ́: ẹ tẹ sin 30, bí kò bá fún yín ní 0.5, ẹ yí i padà.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé. Nínú okùn méjì, èyí tó nàró ló ń fà jù, ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá jọ tẹ́, ìfà àwọn méjèèjì á pọ̀ sí i. Ká ní igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10°, okùn kọ̀ọ̀kan á máa fa nǹkan bíi 346 N, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo pátákó. Bí igun bá ń sún mọ́ òdo, ìfà òkè ń tán lọ. Ìdí nìyí tí okùn tí nǹkan so rọ̀ láàárín rẹ̀ kò fi lè tẹ́ gbọnrangandan láé, bó ti wù kí a fà á le tó: á já kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.