Ohun Tí Dúróònù Kò Lè Rí Nínú Oko Kòkó

Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó bá fẹ́ kọ̀wé sí àjọ tó ń fowó ṣèrànwọ́, pé kí wọ́n bá àwọn ya máàpù oko, dúróònù ló kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn. Àwòrán rẹ̀ dùn ún wò, orúkọ rẹ̀ sì ń fa olówó mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìwé ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023 ló sọ ọ̀rọ̀ máàpù di kánjúkánjú. Wọn kò fẹ́ kòkó tó wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣán igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà 10, gbọ́dọ̀ ní ìlà tó yí ààlà rẹ̀ ká. Èyí tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú kan péré lórí máàpù ti tó o.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan ṣàpẹẹrẹ ní agbègbè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 80, oko wọn lápapọ̀ jẹ́ hẹ́kítà 200, wọ́n sì wà ní abúlé 5. Ọ̀pọ̀ oko wọn ni kò tó hẹ́kítà 4. Nítorí náà, olówó tó mọ òfin yìí yóò béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi dúróònù ṣe. Kí ẹgbẹ́ má sọ pé àwòrán náà yóò jẹ́rìí sí ọdún 2020, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ lónìí nìkan ló lè yà. Àwòrán sátẹ́láìtì àtijọ́ ló lè ṣe ìyẹn, àwọn kan nínú rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdáhùn tó mọ́yán lórí ni pé dúróònù yóò fi ibi tí kòkó ti gbó tàbí tó ti kú hàn, kí wọ́n lè mọ iye irúgbìn tí wọn yóò tún gbìn, yóò sì fi ibi tí oko ti fẹ̀gbẹ́ kan igbó ọba hàn.

Ohun tí kò lè fi hàn ni ààlà. Ewé kòkó ti so kọ́ra lókè, pèrègún tí àwọn bàbá wa gbìn sáàárín oko méjì sì wà lábẹ́ ewé náà. Àfi kí olóko àti aládùúgbò rẹ̀ jọ rìn ín, kí ẹnì kan mú fóònù tó ní GPS tẹ̀ lé wọn. Bí ikọ̀ ẹlẹ́ni méjì bá lè rin oko 4 lójúmọ́, ikọ̀ méjì yóò parí oko 80 ní ọjọ́ 10. Bí owó ojúmọ́ ẹnì kan bá jẹ́ ₦10,000, ₦400,000 nìyẹn, láì ka owó ọ̀kadà.

Fóònù náà ń ṣìnà lábẹ́ igi. Bí ìlà bá fi mítà 5 yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oko hẹ́kítà 1 tó jẹ́ mítà 100 ní ìbú àti òró yóò di mítà 110 lọ́nà méjèèjì, ìyẹn ni pé yóò fi ìdá 21 nínú 100 tóbi ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni ká gbé ìlà gbogbo oko lé orí àwòrán dúróònù: níbi tí oko méjì bá ti gun ara wọn, ẹ padà lọ rìn ín. Ẹ fi ọjọ́ 2 sílẹ̀ fún èyí nínú ìwé ìnáwó.

Ní ti dúróònù fúnra rẹ̀, èmi kò ní gba ẹgbẹ́ yìí nímọ̀ràn láti rà á. Ọjọ́ kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ 2 fún òjò àti afẹ́fẹ́, ọjọ́ 7 péré ni. Kí wọ́n gba awakọ̀ rẹ̀ tòun ti dúróònù, kí wọ́n sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, nítorí ní Nàìjíríà, àjọ NCAA àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń fún ni láṣẹ. Kí wọ́n fi owó jẹnẹrétọ̀ kún un, torí bátìrì kan kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lófuurufú. Àwọn òkè Ìdànrè tún nìyẹn. Bí awakọ̀ bá ní kí dúróònù fò ní mítà 100 sókè ibi tó ti gbéra, ó lè kọlu àpáta tó wà níwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń mi ewé, àwọn àwòrán kò ní bára mu, ihò yóò wà nínú máàpù, àfi kí wọ́n tún fò ó.

Kọ̀ǹpútà tó lágbára ni wọ́n fi ń so àwọn àwòrán náà pọ̀. WebODM tí wọ́n fi ń ṣe é àti QGIS tí wọ́n fi ń ya máàpù kò ní kí a sanwó bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ wọ́n lò yóò gbowó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 5, ọ̀kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò fi tẹ́ máàpù náà síwájú àwọn olóko àti àwọn mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ìwé ilẹ̀, tí oníkálukú yóò sì fọwọ́ tẹ̀ka pé òun gbà kí àwọn tó ń ra kòkó rí i.