Ọdún Mélòó, Oṣù Mélòó, Ọjọ́ Mélòó?

Ọjọ́ orí tí wọ́n bá kọ ní ọdún, oṣù àti ọjọ́ ń sọ iye ọdún pípé tí ènìyàn ti lò láyé, iye oṣù pípé tó lé lórí àwọn ọdún náà, àti iye ọjọ́ tó ṣẹ́ kù tí kò tíì pé oṣù. Orí ọ̀rọ̀ "pípé" yìí ni gbogbo ìṣirò náà dúró lé. Ọdún kò pé títí ọjọ́ ìbí yóò fi yí po, oṣù náà kò sì pé títí ọjọ́ tó bá ọjọ́ ìbí dọ́gba yóò fi dé nínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n bí ní oṣù kọkànlá ọdún 1988 kò fi tíì di ẹni ọdún 37 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá yọ 1988 kúrò nínú 2025, 37 ló kù. Àṣìṣe oṣù mélòó kan báyìí tó láti da ìwé rú. Òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ń fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún, bí kò bá tíì lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ tí 60 náà pé gan-an sì ni wọ́n ń wò.

Ibi tí ìṣirò ti sábà máa ń wọ́ ni ọjọ́ ìbí fúnra rẹ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ sì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọjọ́ ìbí ni ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrún: bí wọ́n bá ná an lónìí, tí wọ́n ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni wọn yóò tún ná an, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré ló kọjá láàárín. Ìkà yìí tọ̀nà fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ọjọ́ orí ni kò bá a mu, torí pé ọjọ́ tó ti kọjá ni ọjọ́ orí ń kà. Ọmọ tuntun kò tíì lo ọjọ́ kankan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ ọjọ́ méje ni. Ìṣirò yìí kì í wo aago pẹ̀lú. Ọmọ tó dé ní aago mọ́kànlá alẹ́ di ọmọ ọjọ́ kan ní kété tí ọ̀gànjọ́ bá ti kọjá.

Ọ̀nà tó dájú jù lọ ni kí á rìn láti ọjọ́ ìbí síwájú, kí á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ gígùn, kí á tó wá gbé kékeré. Ká ní wọ́n bí obìnrin kan ní ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1988, iléeṣẹ́ kan sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 2025. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 2024: ọdún 36 ti pé. Láti ibẹ̀, ọjọ́ 19 oṣù kejìlá jẹ́ oṣù kan, ti oṣù kìíní jẹ́ méjì, ti oṣù kejì ọdún 2025 sì jẹ́ mẹ́ta. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ti kọjá ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí náà oṣù mẹ́ta ló pé. Ó wá ku ọjọ́ tó wà láàárín ọjọ́ 19 oṣù kejì àti ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbé e dé ọjọ́ 28 tí oṣù kejì parí sí, márùn-ún sì kù nínú oṣù kẹta. Ọdún 36, oṣù 3 àti ọjọ́ 14 ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ràn ìyọkúrò lè tò ó bíi ti iléèwé: ọjọ́ lábẹ́ ọjọ́, oṣù lábẹ́ oṣù, ọdún lábẹ́ ọdún. 19 kò ṣeé yọ nínú 5, nítorí náà wọ́n á yá oṣù kan. Ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyí: ọjọ́ mélòó ló wà nínú oṣù tí wọ́n yá? Ọ̀pọ̀ máa ń fi 30 sí i láìwo ẹ̀yìn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọjọ́ 16 ni ìyẹn yóò gbé jáde, ọjọ́ méjì sì ti lé. Oṣù tó ṣáájú oṣù ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ yá. Ìrìn tó wà lókè fi ìdí rẹ̀ hàn, torí pé àwọn ọjọ́ tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kejì, wọ́n sì ré ìparí rẹ̀ kọjá. Gígùn oṣù kejì ló ń pinnu iye wọn, kì í ṣe gígùn oṣù tí wọ́n bí obìnrin náà. 28 àti 5 jẹ́ 33. Bí 19 bá kúrò, ó ku 14. Oṣù kẹta ti di méjì, wọ́n á yá ọdún kan tó jẹ́ oṣù 12, ó di 14, 11 kúrò, ó ku 3. Ọdún 2025 ti di 2024, 1988 kúrò, ó ku 36. Ká ní ọdún 2024 ni iléeṣẹ́ náà mú ni, ọjọ́ 29 ni oṣù kejì ìbá ní, ọjọ́ tó ṣẹ́ kù ìbá sì jẹ́ 15.

Ọ̀nà méjèèjì ń bára wọn mu títí di ìgbà tí ọjọ́ ìbí bá bọ́ sí ìparí oṣù. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 2010, kí ni ọjọ́ orí rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2025? Ìyọkúrò yóò fi 28 kún 1, yóò yọ 31 kúrò, ọjọ́ yóò sì kéré sí òdo ní méjì. Kò sí ọjọ́ orí tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé oṣù kejì kò ní ọjọ́ 31 tí oṣù kẹfà lè pé sí. Ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ yan òfin kan kó sì dì í mú. Bó bá gbà pé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ló dúró fún ọjọ́ tí kò sí, oṣù mẹ́fà pé ní ọjọ́ 28, ọmọ náà sì jẹ́ ọdún 14, oṣù 6 àti ọjọ́ 1. Bó bá gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀ lé e ni, ọdún 14 àti oṣù 6 géérégé ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kì í sí lọ́pọ̀ ọdún. Òfin Taiwan mú ọjọ́ 28. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni wọ́n ń kà sí ìgbà tí ọdún pé. Méjèèjì mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ìwé kan kò gbọ́dọ̀ lo òfin méjì.

Kọ̀ǹpútà náà ń kọsẹ̀ níbí. Nínú Excel, bí ọjọ́ ìbí bá wà nínú A2, tí ọjọ́ tí wọ́n yàn sì wà nínú B2, àwọn ìlà wọ̀nyí ń mú ọdún, oṣù àti ọjọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan:

```
=DATEDIF(A2,B2,"y")
=DATEDIF(A2,B2,"ym")
=DATEDIF(A2,B2,"md")
```

Ọdún àti oṣù rẹ̀ ṣeé gbára lé. Ìlà kẹta ni kò ṣeé fọkàn tán. Àwọn tó ṣe Excel fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè gbé òdo, iye tó kéré sí òdo tàbí iye tí kò tọ̀nà jáde. Èyí ló sàn láti fi rọ́pò rẹ̀:

```
=B2-EDATE(A2,DATEDIF(A2,B2,"m"))
```

Ó ń ka gbogbo oṣù tó ti pé, ó ń rìn dé ibẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, ó sì ń ka ọjọ́ tó kù. Bí oṣù kò bá ní ọjọ́ 31, ọjọ́ tó kẹ́yìn ló ń mú, nítorí náà ọmọ ọdún 2010 yẹn yóò gba ọjọ́ 1. Bí èsì bá jáde bíi déètì, kí wọ́n yí àpótí náà padà sí nọ́ńbà. Ẹni tó bá ń ṣíyè méjì lè gbé ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó rí lé ọjọ́ ìbí padà, lẹ́sẹẹsẹ: bí kò bá balẹ̀ sórí ọjọ́ tí wọ́n yàn gẹ́lẹ́, oṣù tí wọ́n yá ni kó kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò.