Bí a ṣe ń yọ ọwọ́ kúrò nínú fọ́tò ọjà

Aránbáàgì kan l'Ájégúnlẹ̀ tó fẹ́ ya báàgì aláwọ láti òkè, kí oníbàárà lè rí inú rẹ̀, yóò bá ìṣòro kan pàdé. Ẹnu báàgì kì í dá ṣí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dì í mú, ọwọ́ ọ̀hún yóò sì hàn nínú fọ́tò.

Fọ́tò mẹ́ta ni yóò yà. Kó so fóònù mọ́ irin, kó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kó sì tẹ ojú rẹ̀ títí AE/AF LOCK yóò fi hàn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà yí padà. Nínú fọ́tò kìíní, ìka wà ní igun òsì ẹnu báàgì. Nínú ìkejì, ó ti sún sí igun ọ̀tún, ṣùgbọ́n báàgì kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà, kó gbé báàgì kúrò, kó ya páálí funfun abẹ́ rẹ̀ lásán.

Kó fi Open as Layers kó wọn jọ nínú GIMP: páálí nísàlẹ̀, ìkejì láàárín, ìkíní lókè. Kó fi Add Layer Masks sí méjì tó wà lókè, kó fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kun ọwọ́ àti òjìji ọwọ́. Níbi tí ìka bo awọ, fọ́tò kejì ni yóò yọ. Níbi tí ọwọ́ méjèèjì gbà kọjá, páálí ni. Ẹ má pa òjìji báàgì fúnra rẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dà bí ohun tó léfòó.

Tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bó bá mi tábìlì, àwọn fọ́tò náà kò ní bára mu mọ́. Ẹ pa àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò òkè, kí ẹ tún ṣí i. Bí báàgì bá sún, ẹ tún gbogbo rẹ̀ yà.