Ká Pín Orúkọ sí Méjì nínú Excel Láìsí Pé Ẹnikẹ́ni Sọnù

Nínú ìwé orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ. Akọ̀wé á kọ "Adébáyọ̀ Fúnmiláyọ̀" sínú àpótí kan, á kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ọjọ́ tí báńkì bá béèrè fún orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wàhálà máa ń dé. Wọ́n á ní kí orúkọ ìdílé dá dúró, kí orúkọ àbísọ náà dá dúró, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà lórí ìwé NIN tí wọ́n fẹ́ fi wé e. Akọ̀wé á wá jókòó ti Excel, á wá ọ̀nà tó yá jù láti la kọ́lọ́ọ̀mù náà sí méjì. Níbi ìyára yẹn ni orúkọ àwọn èèyàn ti ń sọnù.

Ohun kan ló yẹ ká fi sọ́kàn kí a tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan: kọ̀ǹpútà ò mọ orúkọ ìdílé yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì nìkan ló mọ̀. Ẹ wo orúkọ mẹ́fà yìí. Èmi ni mo ro wọ́n pọ̀ fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò ní rí irú wọn nínú ìwé tirẹ̀:

```
Adébáyọ̀ Fúnmiláyọ̀
Ògúnlẹ́yẹ Samuel Kọ́ládé
Alhaji Láwàl Mùsílíù
Rísíkátù
Ìyá Ìbejì
Ọláyínká Tèmítọ́pẹ́
```

Ti àkọ́kọ́ nìkan ni kò ní wàhálà. Èkejì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta náà ní mẹ́ta, ṣùgbọ́n oyè ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀kẹrin ò ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe orúkọ rárá, ohun tí gbogbo ọjà ń pè é ni. Ní ti ẹ̀kẹfà, èwo nínú méjèèjì ni orúkọ ìdílé?

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń gbà ni Text to Columns, tó wà lábẹ́ Data. Èèyàn á yan kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ, á ní kí Excel gé e níbi àlàfo, á sì tẹ Finish. Bí a kò bá yí ibi tí a kọ Destination sí padà, orí kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ gan-an ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa já sí. Ìyẹn ni pé odindi orúkọ tí a kọ tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kejì á bọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù tó wà lápá ọ̀tún, níbi tí nọ́ńbà fóònù wà. Bí Ògúnlẹ́yẹ ṣe ní orúkọ mẹ́ta, "Kọ́ládé" á tún lọ bá ohun tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé ìyẹn. Òótọ́ ni pé Excel máa ń béèrè kó tó ṣe é, á ní nǹkan ti wà níbẹ̀, ṣé ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ OK ní títẹ̀ kì í ka ìbéèrè. Ctrl+Z ṣì lè gbà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti fi fáìlì náà pamọ́ tó sì ti pa á dé, kò sí ohun tí Ctrl+Z lè ṣe mọ́. SPLIT ti Google Sheets dára ju èyí lọ níbi kan: tó bá rí i pé nǹkan wà níbi tó fẹ́ tú orúkọ sí, á kọ̀, á sì gbé #REF! jáde.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ sì fi ti àtẹ̀yìnwá síbi kan tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Nínú ẹ̀dà yẹn, ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà sí iwájú, láti 1 dé ìparí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí ẹnì kan bá tún ìlà tò lọ́la láìmọ̀ọ́mọ̀, nọ́ńbà yìí ló máa dá kálukú padà sí àyè rẹ̀. Ká wá ní A ni nọ́ńbà, B ni orúkọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, C sì ni fóònù. Láti D síwájú ni a ó ti ṣiṣẹ́. A kò ní fọwọ́ kan B títí iṣẹ́ á fi parí.

Àlàfo ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn kan á tẹ àlàfo méjì papọ̀, àwọn mìíràn á fi ọ̀kan sí ìparí orúkọ. TRIM ń mú ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n oríṣi àlàfo kan wà tó máa ń tẹ̀ lé orúkọ tí a dà kọ láti orí ìkànnì. Ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àlàfo gidi, TRIM kì í sì í fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 160. Orúkọ tí irú rẹ̀ bá wà láàárín rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Excel máa kà á. Ẹ kọ èyí sí D2, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(B2,UNICHAR(160)," "))
```

Ní E2, ẹ jẹ́ kí Excel ka iye àlàfo tó kù:

```
=LEN(D2)-LEN(SUBSTITUTE(D2," ",""))
```

Kọ́lọ́ọ̀mù E yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé òun ló ń sọ ibi tí ewu wà fún wa kó tó ṣẹlẹ̀. Òdo ni Rísíkátù máa gbé jáde. Adébáyọ̀ á gbé 1 jáde, Ògúnlẹ́yẹ àti Alhaji Láwàl á gbé 2 jáde. Ẹni tó bá kọ orúkọ oníméjì bí "Adéoyè - Bello", tó fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àmì náà, á fara hàn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá kan gígé. Fọ́múlà tí àwọn èèyàn ń kọ́ ara wọn ni LEFT(D2,FIND(" ",D2)-1). Tí kò bá rí àlàfo, á gbé #VALUE! jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Rísíkátù nìyẹn. #VALUE! yẹn kò tíì ba nǹkan jẹ́, ó kàn ń pariwo pé ẹnì kan ń bẹ níhìn-ín. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni àtúnṣe tí àwọn kan ń ṣe sí i: wọ́n á fi IFERROR bò ó, wọ́n á ní kí àpótí náà ṣófo tí àṣìṣe bá wà. Kọ́lọ́ọ̀mù á mọ́ lójú, Rísíkátù á sì pòórá láìsí àmì kankan. Bí orúkọ bí i tirẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló lọ. TEXTBEFORE àti TEXTAFTER tó wà nínú Excel 2024 náà kò yàtọ̀ níbí: #N/A ni wọ́n ń gbé jáde bí kò bá sí àlàfo, IFERROR sì lè bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀.

Kò yẹ ká bo àṣìṣe náà, ṣe ló yẹ kí a má jẹ́ kó wáyé. Ẹ lẹ àlàfo kan mọ́ ìparí orúkọ kí FIND tó wá a, gbogbo orúkọ á wá ní àlàfo, kódà èyí tó jẹ́ ẹyọ kan. Bí ìwé yín bá ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, èyí á wà ní F2 fún orúkọ ìdílé:

```
=LEFT(D2,FIND(" ",D2&" ")-1)
```

Èyí á sì wà ní G2 fún gbogbo ohun tó kù:

```
=MID(D2,FIND(" ",D2&" ")+1,LEN(D2))
```

Ẹ rí i pé ibi àlàfo àkọ́kọ́ nìkan ni a gé. "Samuel Kọ́ládé" wà papọ̀ nínú G, kò sí ohun tó já bọ́. Bí wọ́n bá ní kí orúkọ àárín dá dúró, inú G la ó ti yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Rísíkátù wà nínú F, G rẹ̀ sì ṣófo.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ tún ohunkóhun ṣe, ẹ da F àti G kọ, kí ẹ fi Paste Special, lẹ́yìn náà Values, lẹ̀ wọ́n padà sójú kan náà. Títí di ìsinsìnyí, D ni wọ́n ń wò láti mọ ohun tí wọ́n á sọ. Ẹni tó bá pa D rẹ́ láì ṣe èyí, #REF! ló máa bá ní gbogbo ìlà.

Ẹ fi Filter wo E báyìí, kí ẹ kọ́kọ́ yan àwọn tó ju 1 lọ. "Alhaji" ti dúró síbi orúkọ ìdílé, "Láwàl Mùsílíù" sì wà ní G. Ẹ gbé oyè náà lọ sí H, kí Láwàl bọ́ sí F, kí Mùsílíù dúró sí G. Bákan náà lẹ máa ṣe fún Olóyè, Alhaja, Dókítà àti Pásítọ̀. Ẹ má ṣe pa oyè rẹ́, torí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé oyè yẹn ni ẹgbẹ́ fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí Láwàl mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ní òdo, àti àwọn oní-1 tó ń fara jọ èyí tó dára. Ìyá Ìbejì wà láàárín wọn, pẹ̀lú "Ìyá" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Kò sí fọ́múlà tó lè mọ ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé NIN rẹ̀. Ọláyínká Tèmítọ́pẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì lè jẹ́ ti ìdílé. Ohun tí mo rí tó burú níbí ni àbùmọ́: kí akọ̀wé kọ Rísíkátù sí F, kó tún kọ ọ́ sí G, torí pé wọn ò fẹ́ àpótí òfìfo. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kọ "bi í" sí kọ́lọ́ọ̀mù J níwájú rẹ̀, kí ẹ sì pè é. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣì wà ní C, torí pé a kò jẹ́ kí ohunkóhun bọ́ lé e lórí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ìdáhùn àwọn tí ẹ pè kún un, ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Àwọn kan á fi COUNTA ka B àti F, bí iye bá dọ́gba, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò tó. COUNTA ń ka àpótí tí fọ́múlà wà nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfo ni fọ́múlà náà gbé jáde, nítorí náà ó lè ka Rísíkátù tí IFERROR ti bò mọ́ àwọn tó wà. Lẹ́tà ni kí ẹ kà. Ẹ kọ èyí sí I2:

```
=LEN(SUBSTITUTE(F2&G2&H2," ",""))=LEN(SUBSTITUTE(D2," ",""))
```

Ibi yòówù tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ sí láàárín F, G àti H, iye lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ti D mu. Bí ìwé yín bá dé ìlà 181, ẹ wá FALSE báyìí:

```
=COUNTIF(I2:I181,FALSE)
```

Òdo lẹ fẹ́. Iye yòówù tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, Filter á fi ìlà náà hàn yín. Àyẹ̀wò yìí kò lè mọ̀ bí a bá gbé orúkọ ìdílé sí àyè orúkọ àbísọ. Ẹni tó ni orúkọ ló lè sọ ìyẹn.

Bí báńkì bá ní CSV ni kí ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀fìn kan ṣì kù tó jẹ́ pé orúkọ Yorùbá ló ń mú jù. Oríṣi CSV ju ẹyọ kan lọ ló wà nínú Save As. Èyí tí wọ́n kọ CSV (Comma delimited) sí nìkan kì í lè gbé ẹ, ọ àti ṣ, á sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. Èyí tí wọ́n kọ CSV UTF-8 sí ni kí ẹ yàn. Ẹ fi Notepad ṣí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ wo Ọláyínká àti Ògúnlẹ́yẹ. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè nínú wọn, ẹ padà sí fáìlì Excel, kí ẹ tún un fi pamọ́ láti ibẹ̀. Inú CSV náà kọ́ ni kí ẹ ti tún un ṣe, torí pé lẹ́tà tí àmì ìbéèrè rọ́pò kò sí nínú rẹ̀ mọ́.