Síífì Ọmọ Tí Kò Tíì Ṣiṣẹ́ Rí: Kí Ni Ká Kà Níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ omi kan ní Ọ̀tà ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà àti omi inú ike. Wọ́n ń wá ọ̀dọ́ kan tí yóò máa yẹ omi wò kó tó jáde sọ́jà. Owó oṣù ibẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì tàbí pọ́lì ni wọ́n ń fẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, síífì ti kún orí tábìlì máníjà. Ó ṣí èyí, ó ṣí tọ̀hún, kò rí ẹni tó ti gba owó oṣù níbì kan rí. Ibi téèyàn ti ṣiṣẹ́, iye ọdún tó lò níbẹ̀ àti ipò tó dé ni máníjà mọ̀ ọ́n kà nínú síífì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Áítì ló wà níbẹ̀, àti pirójẹ́ẹ̀tì àṣejáde, àti ọdún agùnbánirọ̀.

Ọ̀pọ̀ máníjà máa ń sá di gírédì nírú àsìkò yìí: ẹni tó ní tuú-wọ́ọ̀nù kó dúró, ẹni tó ní tuú-tuù kó máa lọ. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ gírédì kò lè sọ fún wa bóyá ọmọ náà ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ àyẹ̀wò rí.

Kó tó ka síífì kankan rárá, ohun tó yẹ kí máníjà ṣe ni kó mú bébà kan, kó kọ ohun tí ẹni tuntun náà yóò máa ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sí i. Ní ilé iṣẹ́ tiwa yìí, yóò máa bu omi láàárọ̀ ní ibi mẹ́rin: nínú táǹkì, lẹ́yìn asẹ́, lẹ́yìn iná ọlọ́tíráfáólẹ́ẹ̀tì tó ń pa kòkòrò, àti nínú ọ̀rá tí ẹ̀rọ ti lẹ̀ pa. Yóò wọn pH rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.5 sí 8.5. Yóò da díẹ̀ nínú omi náà sínú àwo pẹ́tírì láti mọ̀ bóyá kòkòrò àìfojúrí á hù níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rí ni yóò kọ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí àbájáde kò bá dáa, òun ni yóò lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ pé kí omi òní má jáde. Tí a bá dì í pọ̀, nǹkan mẹ́ta là ń wá: ọwọ́ tó mọ ẹ̀rọ lò, àkọsílẹ̀ tí kò ní irọ́ nínú, àti ẹni tí kò ní dákẹ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí la ó gbé lọ síwájú síífì.

Áítì la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ọdún 1973 ni àjọ ITF ti gbé ètò SIWES kalẹ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan làwọn ọmọ tó ń jáde mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì sábà máa ń lo oṣù mẹ́fà, ọmọ pọ́lì tó ń ṣe OND a sì máa lo oṣù mẹ́rin. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì ń fọwọ́ sí. Ìwé yẹn wúlò ju lẹ́tà ìdúpẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń fún wọn lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àmọ́ èyí tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ kì í fara sin: gẹ̀gẹ́ kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sì sí ọjọ́ kankan tí ẹ̀rọ bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo síífì méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ṣe áítì ní ilé iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńlá kan. Ó kọ ọ́ pé òun "kópa nínú gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò ojúlówó ọjà." Èkejì jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tó ṣe tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Mo ń wọn pH omi láàárọ̀ ní ibi mẹ́ta, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní oṣù kẹta, àwo omi inú ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í hu kòkòrò, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í hù. A tọpa rẹ̀ dé ìdí gílóòbù ọlọ́tíráfáólẹ́ẹ̀tì, a sì pààrọ̀ rẹ̀."

Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń wọ̀ wá lójú, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni téèyàn mọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kéèyàn rí áítì ní irú ibẹ̀, ẹni tó bá sì débẹ̀ lè lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, nítorí ilé iṣẹ́ ńlá kì í fi àyẹ̀wò tó ṣe gbòógì lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ní ilé iṣẹ́ kékeré, kò sí ẹlòmíì tí yóò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí. Gílóòbù irú èyí máa ń rẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan tí wọ́n bá ń tàn án tọ̀sán tòru. Yóò ṣì máa tàn o, ẹni tó ń wò ó á rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń pa kòkòrò ti lọ. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kì í sábà ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó bá ń hun ìtàn. Nǹkan kan ṣì wà tí gbólóhùn ọmọkùnrin yìí fi pamọ́. "Mo" ló fi bẹ̀rẹ̀, "a" ló fi parí. Ta ló rí kòkòrò náà? Ta ló sọ pé gílóòbù ni? Ó lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kó jẹ́ pé òun kàn gbé àkàbà dání ni. Kò sọ ọ́ di òpùrọ́, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè.

Pirójẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ pé òun yẹ omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ìlú òun wò fún kòkòrò. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ maikirobáyọ́lọ́jì ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, èyí kò sì bà á jẹ́. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé wọ́n ń ta pirójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kọ parí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì. Ẹnu dùn-ún rofọ́. Ìṣirò la fi ń mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe.

Ó ní irú omi mẹ́wàá lòun rà, ọ̀rá mẹ́ta mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọ̀rá nìyẹn. Tó bá fi omi tútù tí kò ní kòkòrò là wọ́n ní ìpele mẹ́ta, tó sì da ìpele kọ̀ọ̀kan sínú àwo méjì, àwo mẹ́fà ni fún ọ̀rá kan, ó sì di 180 lápapọ̀. Ta ló ra oúnjẹ tí kòkòrò ń jẹ nínú àwo? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n pín in sí? Ẹni tó ṣe é á rántí, kódà owó tó ná an á ṣì máa dùn ún. Tó bá wá ní àwo tí òun là ní ìpele kan sí mẹ́wàá hu 84, a jẹ́ pé kòkòrò 840 ló wà nínú mílílítà kan omi náà. Àwo tó là jù bẹ́ẹ̀ lọ hu 9 péré. Ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi lo èyí tó hu 9. Ó yẹ kó lè dáhùn pé àwo tó bá hu 30 sí 300 la máa ń kà, torí pé ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èèṣì lásán.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Inú ẹ̀rọ tó ń móoru ní 37°C làwọn àwo yẹn gbọ́dọ̀ wà fún wákàtí 24 sí 48. Kí lẹ ṣe nígbà tí wọ́n mú iná lọ? Ẹni tó ṣe é ní Nàìjíríà ní ìdáhùn: ó sáré gbé àwo lọ sí ẹ̀ka tó ní jẹnẹrétọ̀, tàbí kò ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ kí ooru má baà jáde, tàbí ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ra tirẹ̀ á máa wojú yín.

Ti ọdún agùnbánirọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ilé ìwé ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wọn sí láti máa kọ́ àwọn ọmọ, kò sì kan iṣẹ́ omi, àfi tó bá tún lábù ilé ìwé náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta inú àgọ́ kò yẹ kó gba ìlà kan nínú síífì.

Máàkì ló kù. Lórí ìbéèrè mẹ́ta wa, a fún ohun tí kò sí rárá ní òfo, èyí tí wọ́n kàn dárúkọ gba 1, èyí tó ní àlàyé tí a lè tọ́ wò gba 2. Kí èèyàn méjì ka síífì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó jọ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin yìí gba 2 lórí ẹ̀rọ, 2 lórí àkọsílẹ̀, 1 lórí ọ̀rọ̀ gílóòbù tí a kò tíì mọ ẹni tó ni ín. 5 nínú 6 nìyẹn. Ọmọbìnrin náà gba 1 péré.

Ẹ má tíì ju tirẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ẹni tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ló bá wọn kọ síífì, gbólóhùn kan náà ló sì ń kọ fún gbogbo wọn. Gbólóhùn tó ṣófo kò sọ pé ọwọ́ náà ṣófo. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: "Tí o bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kí lo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?" Ká ní ó dáhùn pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ni, pé wákàtí wákàtí lòun ń bu ọtí lórí ẹ̀rọ, tóun ń kọ iye rẹ̀ sórí ṣáátì, àti pé òun fi omi lásán tún ẹ̀rọ náà ṣe kí ó lè ka òfo kóun tó bẹ̀rẹ̀. Máàkì rẹ̀ ti di 4 nìyẹn. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún ló yí i padà, àwọn méjèèjì ló sì yẹ kí wọ́n pè wá.

Ìbéèrè kẹta, ti ẹni tí kò ní dákẹ́, kò sí síífì tó lè dáhùn rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá dé, ẹ fún wọn ní ojú ewé kan tí ẹ fúnra yín kọ, àbájáde ọ̀sẹ̀ kan, tí pH ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ 7.2 gẹ́lẹ́ láìyẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Omi kànga kì í dúró sójú kan bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń jókòó kọ ọ́. Ẹ wò ó bóyá ọmọ náà á lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé áítì ẹni tí ẹ bá mú. Ẹ má bi í bóyá ọmọ dáadáa ni, torí yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í ní iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ náà dá ṣe, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ ṣètò ohun tí ẹ ó kọ́ ọ ní oṣù àkọ́kọ́.