Ibi Tó Yẹ Kí Ẹrù Wà Kí Ṣánẹ́ẹ̀lì Má Baà Lọ́

Bí wẹ́dà bá gbé ṣánẹ́ẹ̀lì sórí ògiri méjì, tó gbé ẹrù lé e láàárín, irin náà yóò tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tó ń yani lẹ́nu ni pé irin náà yóò tún lọ́: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ yóò máa sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni fẹ́ da ẹrù nù. Irin náà kò wọ́, ògiri kò yẹ̀, ẹrù sì wà láàárín apá òkè gan-an.

Ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Bach rí irú nǹkan yìí ní nǹkan bí ọdún 1909 sí 1910. Ó ń gbé ẹrù lé ṣánẹ́ẹ̀lì, ó sì ń wọn bí irin ṣe ń fà àti bí ó ṣe ń sún kì. Iye tó ń rí kò bá ohun tí ìṣirò àtijọ́ sọ mu. Ó kíyè sí i pé bí òun bá sún ẹrù sí ọ̀tún tàbí sí òsì, iye náà ń yí padà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tíì yé ni dáadáa. Ọdún 1921 ni Robert Maillart, ọmọ ilẹ̀ Switsalandi tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí kíkọ́ afárá, túmọ̀ ọ̀ràn náà. Ó ní irin bẹ́ẹ̀ ní ojúko kan tí ẹrù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó lè tẹ̀ láìlọ́, àti pé ojúko náà kò sí nínú irin rárá. Ẹ̀yìn irin, níta, ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ náà ṣòroó gbà gbọ́ títí a ó fi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin. Ẹ jẹ́ kí á na ṣánẹ́ẹ̀lì ró: ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán lápá òsì, apá méjèèjì nà sí ọ̀tún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹrù ń tì í wálẹ̀. Ẹ̀yìn irin ni ó ń gbé ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí òun nìkan ni ó dúró lóòró. Ṣùgbọ́n apá kò fọwọ́ lẹ́rán. Bí irin ṣe ń tẹ̀, apá kan ń fà, èkejì ń sún kì, agbára yìí sì gbọ́dọ̀ gba inú apá kọjá kí ó tó dé ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ipá ìrẹ́ fi ń rìn nínú wọn. Ní etí apá, níbi tí irin pin sí, òfo ni ipá náà. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ ẹ̀yìn ni ó ń pọ̀ sí i, igun ni ó ti ń pọ̀ jù.

Ipá yìí wọlé láti etí apá òkè, ó forí lé òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀yìn, ó sì gba apá ìsàlẹ̀ jáde sí ọ̀tún. Nípa bẹ́ẹ̀, apá òkè ń ti òsì, apá ìsàlẹ̀ ń ti ọ̀tún, iye kan náà ni wọ́n sì ń tì. Àwọn méjèèjì wá dà bí ọwọ́ méjì lórí sìtíárì ọkọ̀: wọn kì í gbé nǹkan kúrò níbi tó wà, yíyí ni wọ́n ń yí i. Kí ẹrù tó lè bá yíyí yìí dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí òsì ẹ̀yìn irin. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, irin fúnra rẹ̀ ni yóò yí.

Báwo ni ó ṣe jìnnà tó? Fún ṣánẹ́ẹ̀lì tí irin rẹ̀ kò nípọn, tó sì nípọn bákan náà káàkiri, ìṣirò náà ni e = 3b²/(h + 6b). Lẹ́tà h dúró fún gíga, láti àárín apá òkè dé àárín apá ìsàlẹ̀. B dúró fún bí apá ṣe gùn tó, láti àárín ẹ̀yìn. Lẹ́tà e ni ìwọ̀n láti àárín ẹ̀yìn sí ojúko náà. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí i pé bí irin ṣe nípọn tó kò sí níbẹ̀, bí ẹrù ṣe wúwo tó náà kò sì sí. Ìrísí ni gbogbo rẹ̀. (Bí apá bá nípọn ju ẹ̀yìn lọ, ìṣirò náà yí padà, ojúko sì sún síta díẹ̀ sí i.)

Ká ní h jẹ́ mìlímítà 200, b sì jẹ́ 75. Orí ìlà jẹ́ 3 × 5,625, ìyẹn 16,875; ìsàlẹ̀ ìlà jẹ́ 200 + 450, ìyẹn 650. Ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 26. Kí ẹ̀rí lè wà, ẹ jẹ́ kí ẹrù jẹ́ kílò 1,000. Apá kọ̀ọ̀kan yóò máa ti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú agbára kílò 130. Kílò 130 yìí lọ́nà gíga 200 jẹ́ 26,000. Kílò 1,000 lọ́nà 26 náà jẹ́ 26,000. Wọ́n dọ́gba, irin kò sì ní ìdí kankan láti lọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbé ẹrù sí ni ojúko ìwúwo irin náà, ibi tí yóò ti dọ́gba bí a bá fi okùn so ó rọ̀. Mìlímítà 16 sí ọ̀tún ẹ̀yìn ni ìyẹn wà, nítorí náà ó fi mìlímítà 42 jìnnà sí ibi tó yẹ. Èyí tó burú jù ú lọ ni ẹrù tó jókòó sí àárín apá òkè, bí èyí tí wẹ́dà wa gbé lẹ́ẹ̀kan: ìyẹn jìnnà tó mìlímítà 63.

Ẹni tí kò gbà lè fi páálí dán an wò. Kí ó ká páálí líle sí ṣánẹ́ẹ̀lì tó ga ní mìlímítà 100, tí apá rẹ̀ gùn ní 50, kí ó fún orí kan mọ́ etí tábìlì dáadáa, kí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí pẹrẹsẹ mọ́ orí kejì, kí ìyẹn sì yọ síta kọjá ẹ̀yìn. Kí ó wá so ẹrù kékeré rọ̀ mọ́ páálí pẹrẹsẹ náà, kí ó máa sún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrù bá wà lábẹ́ apá, ẹ̀gbẹ́ tó ṣí yóò sọ̀. Bí ó bá jìnnà jù síta, ẹ̀yìn ni yóò sọ̀. Láàárín méjèèjì ni ibi kan wà tí gbogbo rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Ìṣirò ní ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí mìlímítà 19 sí ẹ̀yìn. Páálí kì í ṣe irin, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí i.

Lórí iṣẹ́, kò rọrùn láti gbé ẹrù sí ojúko náà, nítorí afẹ́fẹ́ lásán ni ó wà níbẹ̀. A lè jó irin kékeré mọ́ ẹ̀yìn ṣánẹ́ẹ̀lì kí ẹrù lè sọ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n mìlímítà 26 ni à ń sọ, kì í ṣe gbogbo gígùn apá ènìyàn. Táǹkì epo tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣaasí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá ojúko yìí réré, ó sì ń yí irin sí òdìkejì. Lára ohun tí àwọn irin ìdábùú tó so ṣaasí méjèèjì pọ̀ wà fún ni láti kọ irú yíyí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a fi ẹ̀yìn ṣánẹ́ẹ̀lì méjì kan ara wọn, kí a jó wọn pọ̀. Yíyí ti ọ̀tún yóò pa ti òsì, ojúko náà yóò sì bọ́ sí àárín wọn. Tàbí kí a fi irin pẹrẹsẹ dí ẹnu ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí ni ó lágbára jù. Bí irin tí a ṣírò lókè bá nípọn ní mìlímítà 8, tí a sì fi irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, agbára rẹ̀ láti kọ lílọ́ yóò di ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúko náà yóò kúrò níta, yóò bọ́ sí àárín gbùngbùn àpótí, mìlímítà 37.5 sí ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan. Kìkì pé ìlà ìjórin gbọ́dọ̀ lọ láìjá, nítorí ibi tí wẹ́dà bá fò ni ipá ìrẹ́ kò ti ní rí ọ̀nà kọjá.