Ọlidé Dé, Àtẹ Iye Kò Gbọdọ̀ Purọ́

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọjà ìdókòwò NGX ní Èkó parí kátàkárà ní agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ṣáájú pé ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 yóò jẹ́ ọlidé fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nígbà tó di pé wọn kò rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, ọdún bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11, kún ọlidé náà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12, ni ọjà tó tún ṣí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ra ìpín, tí ẹnikẹ́ni kò sì tà.

Kọ̀ǹpútà tí a ti pàṣẹ fún pé kó máa lọ mú iye ìpín wá lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ọdún dé. Tí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, yóò lọ síbi tí iye náà wà, yóò bá iye ọjọ́ Ajé níbẹ̀, yóò gbé e wá, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí iye ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ní Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ìkìlọ̀ kankan kò ní jáde, nítorí pé lójú ẹ̀rọ, iṣẹ́ ti yọrí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ṣí àtẹ náà yóò rí i pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun kẹ́yìn, yóò sì gbà pé iye Ọjọ́bọ̀ lòun ń wò.

Bí iye kan náà ṣe ń ba ìṣirò jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ní ìpín 10,000 nínú ilé-iṣẹ́ kan. Àpẹẹrẹ ni iye owó tí mo fẹ́ lò yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ náà jẹ́ ojúlówó ọjọ́ ọdún 2024. Akápò ẹgbẹ́ náà máa ń ro iye ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn pọ̀, á pín in sí márùn-ún, á wá fi iye òní wé ìpíndọ́gba yẹn kó lè mọ̀ bóyá ó tó àkókò láti tà.

Ọjà ṣí ní ọjọ́ 2, 3, 4, 5 àti 8 oṣù Kẹrin. Ká ní iye ìpín kan láwọn ọjọ́ náà jẹ́ ₦36, ₦37, ₦38, ₦39 àti ₦40. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦190, ìpíndọ́gba wọn sì jẹ́ ₦38. Títí ọjà yóò fi ṣí lọ́jọ́ Ẹtì, ₦38 yìí ni òtítọ́.

Ẹ wá wo àtẹ tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun lójoojúmọ́ láìwo ẹ̀yìn. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìlà márùn-ún tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni ti ọjọ́ 7 títí dé ọjọ́ 11. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 7, nítorí náà iye ọjọ́ Ẹtì, ₦39, ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yòókù gbé ₦40 kan náà. Àpapọ̀ di ₦199, ìpíndọ́gba di ₦39.80. Ó fi ₦1.80 ju òtítọ́ lọ lórí ìpín kan, èyí tó jẹ́ ₦18,000 lórí ìpín 10,000, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ná ọjà kankan. Ìpín tó ń fi náírà kan gòkè lójúmọ́ wá dà bí èyí tó dúró sójú kan. Ọjà tó ṣí tí iye ibẹ̀ kò yí padà yàtọ̀ pátápátá sí ọjà tí kò ṣí rárá, ṣùgbọ́n àtẹ yìí ti pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló rọrùn jù

Ohun àkọ́kọ́ ni láti yọ òpin ọ̀sẹ̀ kúrò nínú àṣẹ tí a fún ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, `cron` ni wọ́n fi ń ṣètò àsìkò, báyìí ni wọ́n sì ń kọ ọ́:

```
30 17 * * 1-5
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ náà wáyé ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ọjà ti tì fún wákàtí mẹ́ta nígbà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo aago tí ẹ̀rọ náà ń lò, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo `UTC`, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, 16 lẹ máa kọ dípò 17.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé aago méjìlá ààbọ̀ òru, lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti yí, ni wọ́n ń mú iye wá. Fún irú wọn, ìdájí Àbámẹ́ta ni iye ọjọ́ Ẹtì ń wọlé. Bí wọ́n bá kọ `1-5`, iye ọjọ́ Ẹtì kò ní dé títí di ìdájí ọjọ́ Ajé. `2-6` ló yẹ wọ́n, ìyẹn Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta. Ọjọ́ tí iye náà jẹ́ tirẹ̀ la gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Ọlidé kò ṣeé kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Ọlidé le ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé a lè kọ ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá sínú àkójọ kan. A sì lè ṣírò ọdún Àjíǹde fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlidé bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba sábà máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 bọ́ sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ 3 ni ọlidé wá jẹ́. Ọdún àwọn Mùsùlùmí ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé oṣù ojú ọ̀run, ẹ sì ti rí i bí Ọjọ́bọ̀ kan ṣe di ọlidé láàárín ọ̀sẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọlidé ló ń ti ọjà. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ń ṣe, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọjà ìdókòwò ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe sínú àkójọ yóò fo ọjọ́ tí ọjà ṣí, iye tòótọ́ á sì sọnù. Nítorí náà, àkójọ ọlidé gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tún un ṣe bí ìkéde bá ti jáde.

Ẹ bi iye náà ní ọjọ́ rẹ̀

Níwọ̀n bí àkójọ ti lè kùnà, ohun tó kù ló lágbára jù. Ibi tí iye ti ń wá sábà máa ń kọ ọjọ́ tí ọjà ná iye náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀rọ fi ọjọ́ yẹn wé ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú àtẹ, kó sì kọ ìlà tuntun kìkì bí ọjọ́ náà bá jẹ́ tuntun:

```python
if data_date > last_date:
    save(data)
else:
    log("ko si tuntun")
```

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lo ìlànà yìí, ẹ̀rọ ì bá rí ọjọ́ 8 ní Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́rú àti ní Ọjọ́bọ̀, kò sì ní kọ nǹkan kan. Ọlidé òjijì kò ní lè ṣe é ní nǹkan, ìpíndọ́gba á sì dúró sí ₦38.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí tuntun, kò pè é ní ìkùnà. Ó nídìí. Bí ìsọdọ̀tun tí a ṣètò nínú Power BI bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, Power BI yóò dá ètò ìsọdọ̀tun náà dúró fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gééré ni ọdún Àjíǹde máa ń gbà, láti Ẹtì dé ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń sọ àtẹ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó sì jẹ́ kí àìsí iye tuntun di ìkùnà, yóò dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yóò rí i pé ọjà ti ṣí ṣùgbọ́n àtẹ òun kò mira mọ́.

Bí ẹ̀rọ bá wá dákẹ́, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọlidé ni tàbí nǹkan ti bàjẹ́? Nínú Excel, ẹ fi ọjọ́ iye tó kẹ́yìn sí B1, kí àkójọ ọlidé wà ní H2 dé H20, kí ẹ sì kọ:

```
=NETWORKDAYS(B1,TODAY(),H2:H20)-1
```

Èyí ń ka iye ọjọ́ iṣẹ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí iye tuntun ti wọlé kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsọdọ̀tun ìrọ̀lẹ́, 0 ló yẹ kó jáde, kódà lọ́jọ́ Àìkú. Bí 1 bá jáde, ẹ lọ wo ìkéde ìjọba, ó ṣeé ṣe kí ọlidé tuntun wà tí ẹ kò tíì kọ. Ohun tí ì bá jáde nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 fún ẹni tó kọ ọjọ́ 9 àti 10 nìkan. Bí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá jáde, tí kò sì sí ọlidé tí ẹ gbàgbé, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ.

Orísun kan, àkójọ kan

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ìpín ní Èkó, tí wọ́n sì tún ní òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà méjèèjì tì fún ọdún Àjíǹde ọdún 2024. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ṣí ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó fi ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀. Èkó tì ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, Lọ́ńdọ̀nù ṣí. Lọ́ńdọ̀nù tì ní ọjọ́ 6, Èkó ṣí. Bí a bá fi àkójọ Èkó darí méjèèjì, a ó pàdánù iye Lọ́ńdọ̀nù. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkójọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ro gbogbo ohun ìní pọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan tì, ẹ lè lo iye rẹ̀ tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ iye náà sí i, ẹ má sì kà á mọ́ àwọn ọjọ́ tí ẹ fi ń wá ìpíndọ́gba.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́, fún ilé-iṣẹ́ tàbí fún ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ méjì sí òkè rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́ dọ̀tun, àti ọjọ́ tí iye inú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe ìpinnu ní ẹ̀tọ́ láti rí méjèèjì.